Ògiri tí yóò dá ilẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó, kí sì ni ká ṣe sí omi ẹ̀yìn rẹ̀?

Onílé Orí Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ilé. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́lé sí dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo fẹ́ gé e kí ó lè tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ tí mo bá sì gé yóò ga ju ibi tí ilé máa wà lọ ní mítà 2. Bíríkìlà mi ní kí n fi búlọ́ọ̀kù gbé ògiri tó nípọn dúró níbẹ̀, kí n sì dá ihò díẹ̀ sí i lára fún omi. Amọ̀ pupa tó pò mọ́ iyanrìn ni ilẹ̀ náà. Báwo ni ògiri náà ṣe yẹ kó nípọn tó, ṣé ihò nìkan sì tó?

Bàbá Bíríkìlà

Ọmọ mi, ohun tí bíríkìlà rẹ sọ kò burú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ máa ń tì. Fi búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án mọ ọ́n ní ìlà méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn, da kọnkéré kún inú ihò wọn, kí o sì fi páìpù kéékèèké la inú ògiri já ní mítà kan àbọ̀ síra wọn. Bí ó bá ti wúwo tó bẹ́ẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí yóò tì í. Àwọn tó ń ní kí a kó òkúta àti aṣọ sẹ́yìn ògiri kàn ń fi owó oníbàárà ṣòfò ni.

Ẹnjiníà Abẹ́-Ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Òótọ́ ni pé ìwúwo ló ń mú irú ògiri yìí dúró, òótọ́ sì ni pé ó gbọ́dọ̀ ní ihò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yà ni ibi tí ìwúwo náà ti máa wá. Lójú tèmi, yẹ̀pẹ̀ tó ń ti ògiri gan-an ni ó yẹ kí a fi tẹ ògiri náà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti oníbéèrè. Bí ilẹ̀ bá ga ní mítà 2, tí a sì gbẹ́ ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 40, mítà 2.4 ni gíga yẹ̀pẹ̀ tó ń tì, láti ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ títí dé òkè. Bí a bá kó yẹ̀pẹ̀ oníyanrìn tí omi kò kún inú rẹ̀ sínú àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gíga, yóò wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.8. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo yẹn ni irú yẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń ti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù tó ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri nìyí:

```
0.5 × (1/3) × 1.8 × 2.4 × 2.4 = 1.73
```

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni gíga wọ inú ìṣirò náà. Bí ẹnìkan bá fi ìdajì kún gíga ògiri rẹ̀, agbára tó ń tì í yóò ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí ògiri mítà kan fi máa ń dárí ji ẹni tó mọ ọ́n láìṣírò, ṣùgbọ́n tí ti mítà 2 kì í dárí ji ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ògiri Bàbá. Ìlà búlọ́ọ̀kù méjì nípọn tó sẹ̀ntímítà 46, ìwúwo rẹ̀ lórí mítà kan kò sì ju tọ́ọ̀nù 2.7 lọ, bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ kọnkéré. Ògiri máa ń fi nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ di ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mú kí ó má bàa yọ̀, èyí sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.2 péré níwájú 1.73 tó ń tì í. Nínú ìṣirò, ògiri náà ti lọ kí òjò tó rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé àwọn tí ẹ mọ ṣì wà lórí ìdúró, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ máa ń di ara rẹ̀ mú. Ẹ gé e ní òòró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò dúró fúnra rẹ̀ láìsí ògiri kankan. Ògiri náà ò tíì ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tí amọ̀ náà bá mu omi yó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí èmi yóò yà sórí ìwé ni ògiri kọnkéré onírin tó nípọn ní sẹ̀ntímítà 25, tó dúró lórí ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1.6, tó sì nípọn ní sẹ̀ntímítà 30. Sẹ̀ntímítà 40 nínú ìpìlẹ̀ náà yóò yọ síwájú ògiri, sẹ̀ntímítà 95 yóò sì wà lẹ́yìn, lábẹ́ yẹ̀pẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó jókòó lórí sẹ̀ntímítà 95 yẹn nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù 3.6, kọnkéré fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 2.4. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 6. Agbára tó fi di ilẹ̀ mú di 2.7, èyí tó jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ àti díẹ̀ ti 1.73. Ìlọ́po kan àbọ̀ ni a sábà máa ń béèrè fún kí ògiri má bàa yọ̀. Ní ti pé kó ṣubú síwájú, kò séwu, torí ohun tó mú un dúró tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tó fẹ́ bì í ṣubú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbà pé gbogbo ihò ti dí, tí omi sì kún ẹ̀yìn ògiri yìí kan náà dé òkè. Omi nìkan yóò máa tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 2.9, yẹ̀pẹ̀ tó rì sínú omi yóò sì fi nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan kún un. Omi tó wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ yóò tún máa gbé ògiri sókè, yóò sì mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.9 kúrò nínú ìwúwo rẹ̀. Ohun tó ń tì í di 3.8, ohun tó fi di ilẹ̀ mú sì já wálẹ̀ sí 2. Ògiri tí a kọ́ dáadáa nìyẹn, kò sì sí ohun tó yí padà lára rẹ̀ ju omi lọ. Nítorí náà, òkúta àti aṣọ tí ẹ pè ní ìfowóṣòfò ló ń jẹ́ kí ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ òótọ́.

Màmá Kọ́lékọ́lé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Ògiri ọgbà mi ti ń tẹ̀ síwájú láti ìgbà òjò tó kọjá. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́fà ni, aládùúgbò mi tó wà lókè sì ti kó ilẹ̀ dà sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí àgbàlá tirẹ̀ lè tẹ́jú, ó sì ga tó ìwọ̀n àyà ènìyàn. Ìlà funfun bí iyọ̀ ń yọ lára rẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣé kí n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa, kí n sì kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé?

Ẹnjiníà Abẹ́-Ilẹ̀

Màmá, ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má sì kùn ún. Tiyín yàtọ̀ sí ti oníbéèrè, nítorí a kò mọ ògiri ọgbà láti dá ilẹ̀ dúró rárá. Atẹ́gùn àti olè ni a mọ ọ́n fún. Ìlà funfun yẹn fi hàn pé omi ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá, ó sì ń kó ohun tó wà nínú símẹ́ǹtì jáde. Bí ẹ bá fi ọ̀dà dí ojú rẹ̀, ẹ ti dí ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún omi náà nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré lẹ́sẹ̀ ògiri náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ kí ó kó ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì so òwú tí nǹkan wúwo wà nídìí rẹ̀ rọ̀ láti òkè ògiri, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti ẹsẹ̀ ògiri lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀ sí i, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn, ẹ má dúró de oṣù mìíràn.

Onílé Orí Òkè

Mo dúpẹ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn ògiri náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo sì gbàgbé láti sọ ohun kan: mo fẹ́ máa gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi sí orí ilẹ̀ òkè yẹn, nítòsí ògiri.

Ẹnjiníà Abẹ́-Ilẹ̀

N óò kọ́kọ́ dáhùn ti omi.

Nígbà tí kọnkéré bá ti gan dáadáa, ẹ tẹ́ aṣọ asẹ́ sí ojú ilẹ̀ tí ẹ gé, ẹ sì jẹ́ kí ó gùn tó èyí tí ẹ lè ká bo òkúta nígbẹ̀yìn. Aṣọ tí omi ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí amọ̀ kì í gbà kọjá, ni mo ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rá o. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rá dípò aṣọ, omi sì jókòó sẹ́yìn ọ̀rá náà bí ẹni pé inú àgbá ló wà. Ẹ tẹ́ páìpù tí a lu lára sórí ìpìlẹ̀, lẹ́yìn ògiri, kí ihò inú rẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10. Ẹ jẹ́ kí àwọn ihò ara rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, nítorí omi máa ń ru láti ìsàlẹ̀ wọ inú páìpù. Bí wọ́n bá kọjú sókè, omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bo páìpù kí ó tó lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ntímítà kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tí omi yóò ti jáde sí gbangba. Kí ẹnu rẹ̀ kejì yọ sókè kí a lè máa fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ yí páìpù ká, kí ẹ sì kó o gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní ìbú sẹ̀ntímítà 30. Òkúta tí eruku rẹ̀ ṣì wà lára kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí eruku náà ni yóò kọ́kọ́ di ẹrẹ̀. Ẹ dá òkúta dúró ní sẹ̀ntímítà 30 sí òkè, ẹ ká aṣọ bò ó, kí ẹ wá fi amọ̀ kún ibi tó kù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Amọ̀ òkè yìí ni kò ní jẹ́ kí omi òjò ojú ilẹ̀ rí ọ̀nà tààrà sínú òkúta. Gọ́tà kékeré kan lórí rẹ̀ yóò kó omi òkè lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ihò ara ògiri tí Bàbá sọ ṣì wúlò, ẹ fi wọ́n sí i ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ síra, ní òkè díẹ̀ sí ojú ilẹ̀ iwájú. Kí aṣọ asẹ́ wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú.

Ihò wọ̀nyẹn ni yóò máa bá yín sọ̀rọ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi mímọ́ ń kán níbẹ̀, ó dára. Bí omi náà bá pupa bí ẹrẹ̀, aṣọ ti ya tàbí kò sí níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn sì ń bá omi lọ, ojú ilẹ̀ òkè yóò sì máa jìn láìpẹ́. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ihò tó gbẹ tán-ńtán nígbà tí ilẹ̀ òkè ti rin gbingbin. Ènìyàn a máa rò pé ògiri náà dára nítorí pé kò jò.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n pè mí wá wo ògiri kan tó ti wú níkùn. Gbogbo ohun tí mo ka sílẹ̀ yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, páìpù náà sì rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ. A wá ẹnu páìpù títí, a kò rí i. Ẹni tó rẹ́ ojú ògiri ló ti fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ pa kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dán. A fi òòlù àti ìfọ́kọnkéré tú u, omi sì ń tú jáde láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ní ti ọkọ̀, ẹ bá mi dé ibi tó le. A máa ń ka ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ohun tó jọ ọ́ sí tọ́ọ̀nù kan lórí ìbú mítà kan àti gígùn mítà kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ yóò máa ti gbogbo gíga ògiri, ó sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 0.8 sí i. Àròpọ̀ ohun tó ń tì í di 2.53, bẹ́ẹ̀ ni 2.7 péré ni a ní. Kò ṣubú, àmọ́ kò sẹ́ni tó yẹ kó fọwọ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹ fẹ ìpìlẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi di nǹkan bíi mítà 2.15. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ rì òpó kéékèèké mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má lè sún mọ́ ẹ̀yìn ògiri ju mítà 2.4 lọ. Ibi tí yẹ̀pẹ̀ tó ń ti ògiri ti ń bẹ̀rẹ̀ lókè kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀.

Ayàwòrán Kékeré

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ kò ka ilẹ̀ tó wà níwájú ìpìlẹ̀. Sẹ̀ntímítà 40 yẹn náà ń ti ìpìlẹ̀ padà, wọ́n sì kọ́ wa pé ilẹ̀ iwájú máa ń lágbára ju ti ẹ̀yìn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí a bá kà á, ìpìlẹ̀ lè dín kù sí mítà 1.4. Ohun mìíràn: kí ló dé tí kò fi kọ́ ògiri méjì, mítà kan mítà kan, bí àtẹ̀gùn?

Ẹnjiníà Abẹ́-Ilẹ̀

Òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ́ yín nípa ilẹ̀ iwájú, mo sì mọ àwọn tó máa ń kà á. Èmi kì í kà á lórí ilẹ̀ ilé. Ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò gbẹ́ gọ́tà sí lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí kí ẹnìkan wá ri páìpù omi mọ́ ibẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kò sì ní béèrè ìṣirò lọ́wọ́ yín. Ìgbà tí ọ̀gbàrá bá tú jáde láti ẹnu páìpù sẹ́sẹ̀ ògiri, òun náà yóò gbẹ́ tirẹ̀.

Ògiri méjì dára púpọ̀ bí àyè bá wà. Ìwọ̀n tí a sábà ń lò ni pé kí àlàfo àárín wọn tó ìlọ́po méjì gíga ti ìsàlẹ̀. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri òkè jókòó lórí èjìká ti ìsàlẹ̀ nìyẹn, ti ìsàlẹ̀ sì ń ru ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò ṣírò fún un. Oníbéèrè ló mọ̀ bóyá ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Bíríkìlà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ti ọkọ̀ àti ti omi yé mi, mo sì gbà pé ìpìlẹ̀ tèmi kò fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ̀rọ̀ nípa irin. Àárín ògiri ni èmi máa ń to irin sí kí kọnkéré lè bò ó lọ́tùn-ún lósì. Ẹ sì tún gba àwọn ènìyàn níyànjú nípa títẹ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ dáadáa pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá, kí ó má bàa jìn.

Ẹnjiníà Abẹ́-Ilẹ̀

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ mú ọ̀rọ̀ irin wá. Ẹ wo igi tí a rì mọ́lẹ̀ tí a wá ń tì lórí: ẹ̀gbẹ́ tí a ti ń tì í ni yóò kọ́kọ́ ya. Ẹ̀gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ni ògiri yìí náà yóò ti ya. Nítorí náà, ibẹ̀ ni irin òòró tó lágbára gbọ́dọ̀ wà, kí kọnkéré sẹ̀ntímítà 5 bò ó lójú kí omi má bàa jẹ ẹ́. Fún ògiri yìí láìsí ọkọ̀, irin mìlímítà 12 ní sẹ̀ntímítà 20 síra tó. Irin tó wà láàárín ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, èyí tó wà níwájú nìkan kò sì ṣe nǹkan kan. Kí irin náà ti inú ìpìlẹ̀ hù wá, ẹ má ṣe kàn án gún kọnkéré tó ti gan.

Ní ti ẹ̀rọ ńlá, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó wúwo lè ti ògiri ju bí yẹ̀pẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò ṣe tì í láéláé. Láàárín mítà kan sí ẹ̀yìn ògiri, ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn kan ń tì ni kí ẹ lò, ní ìpele sẹ̀ntímítà 15 sí 20.

Bàbá Bíríkìlà

Ti irin yé mi. Ti ẹ̀rọ kékeré, mo ti rí i kí ilẹ̀ tí a fi í tẹ̀ jìn lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo, n kò tíì gbà.

Onílé Orí Òkè

Mo gbẹ́ kòtò láti wo ilẹ̀ náà lánàá. Mítà 1.6 àkọ́kọ́ gbẹ, amọ̀ pupa ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kan ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, tó rọ̀ débi pé àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀ láìfipá, omi sì ń sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí, omi ti ga tó sẹ̀ntímítà 20 nínú kòtò náà, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù méjì.

Ẹnjiníà Abẹ́-Ilẹ̀

Ẹ dá gígé ilẹ̀ náà dúró ná. Gbogbo ìṣirò mi ló gbà pé ilẹ̀ abẹ́ ìpìlẹ̀ le, àti pé omi òjò nìkan ni páìpù máa kó. Tiyín jẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń sun ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ rírọ̀ tí àtàǹpàkò ń wọ̀ sì lè yọ̀ lọ tòun ti ògiri lórí rẹ̀, láìka bí ògiri ṣe lágbára tó. Fífẹ ìpìlẹ̀ nìkan kò ní tán an.

Ẹ gbẹ́ kòtò méjì mìíràn, ọ̀kan lókè níbi tí ẹ kò ní gé, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí ilé máa wà. Ẹ kọ gíga omi inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì wọn bí ilẹ̀ eérú náà ṣe nípọn tó. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnjiníà tó lè dé orí ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ eérú náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá rẹ̀. Bí ó bá nípọn, ibi tí ilé wà ni ó yẹ ká sún, kí ẹ má gé òkè náà rárá. Mélòó ni jíjìn kòtò tí ẹ gbẹ́ yẹn lápapọ̀?

Onílé Orí Òkè

Mítà 2 péré, ọ̀gá. N kò tíì dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ eérú náà.